Ìbátan Omi, Ìbátan Ọmú

Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa Makrina àti Lefter pọ̀. Bàbá kò bá bàbá tan, ìyá kò bá ìyá tan, àdúgbò kan náà ni wọ́n ṣáà jọ ń gbé ní Taşlıdere, ìlú kan nílẹ̀ Tọ́kì láyé Súlútáànù, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn Kristẹni pọ̀ sí. Síbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Omi ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Makrina, Hájì Prodromos, bàbá Lefter, ló nawọ́ gba ọmọ náà nínú omi, ó sì ti ibẹ̀ di bàbá ìsàmì rẹ̀. Lójú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó gba ọmọ nínú omi ti bí i nìyẹn, àwọn ọmọ tí ìyàwó tiẹ̀ sì bí ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ omi. Wọn ò gbọdọ̀ fẹ́ra.

Òfin nìyẹn, kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka òfin bí ọkàn bá ti ṣí kúrò nílé? Alágbẹ̀dẹ bàbà ni Lefter, ìkòkò ilé Makrina ló sì ń tún ṣe jù lọ ní gbogbo Taşlıdere. Ìkòkò ọ̀hún kò jò rí. Makrina a gbé e lọ láàárọ̀, a ní ó jò. Lefter a kàn án ní òòlù mẹ́ta, a sì gbé e padà wá lálẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, ìdí ìkòkò náà fẹ́lẹ́ débi pé ó wá ń jò lóòótọ́.

Àlùfáà Kosmas, àlùfáà àdúgbò, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù Neofitos ní Kayseri, ó sì bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ó padà dé lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa.

"Ó ní rárá," ló wí. "Ó ní omi nípọn ju ẹ̀jẹ̀ lọ."

Makrina gbé ìdí lé àga, ó kọjú sí Hájì Prodromos. Ẹnu ọmọbìnrin náà mú, ká má parọ́, ṣùgbọ́n kì í rí àgbà fín ju bó ṣe yẹ lọ. "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ fa gbogbo èyí o."

"Èmi?" Hájì fọwọ́ lu àyà. Hájì tí wọ́n ń pè é yìí, Jerúsálẹ́mù ló lọ, ó wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ṣé mo mọ̀ ni? Ọmọ pupa rọ́bọ́tọ́ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, tó ń ké bí ewúrẹ́. Ṣé wọ́n kọ 'ìyàwó ọmọ rẹ rèé' sí i níwájú orí ni?"

"Ẹ bá ti jẹ́ kí ẹlòmíì gbà mí."

"Ká ní mo jẹ́ kí ẹlòmíì gbà ọ́ ni, wọn ì bá jù ọ́ sílẹ̀. O ń ta ìpá bí ẹja." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ gbọ́, ṣé bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń so èèyàn pọ̀ nínú ayé yìí? Ẹ jẹ́ ká lọ bá kádì, adájọ́ àwọn Mùsùlùmí."

Àlùfáà Kosmas fọwọ́ bo etí méjèèjì. "N kò gbọ́ ọ. N kò sí níbí."

"Ẹ wà níbí o," ni Makrina wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa. Ṣé kádì lè ṣe é?"

Àlùfáà mí kanlẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í lè purọ́, ìwà tó sì ń kó bá àlùfáà nìyẹn. "Ìwé àṣẹ tí Súlútáànù fún bíṣọ́ọ̀bù wà nínú àpótí rẹ̀ ní Kayseri, mo ti fojú mi rí i. Ó wà níbẹ̀ pé ìgbéyàwó àwa Kristẹni Rúùmù, àwa ọmọ ìjọ Gíríìkì, àti ìkọ̀sílẹ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Àlùfáà tó bá so ẹnikẹ́ni pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò jìyà. Kádì kan ò sì gbọdọ̀ ti ọ̀nà ilé ẹjọ́ wá yọjú sí i."

"Tó bá jẹ́ pé kádì kọ́ ló yọjú sí wa ńkọ́?" ni Makrina bi í. " Tó bá jẹ́ pé àwa la fẹsẹ̀ ara wa lọ bá a?"

 "Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ," ni àlùfáà wá sọ, "kádì kì í lé e. Ṣùgbọ́n òfin ti kádì ni yóò fi bá a ṣe é."

"Òfin kádì mọ̀ nípa omi ìsàmì?"

"Kí ló kan Mùsùlùmí nínú omi ìsàmì wa? Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ó ti parí!" Hájì Prodromos pàtẹ́wọ́.

"Kò tíì parí, Hájì! Bíṣọ́ọ̀bù yóò yọ wọ́n nínú ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn jẹun, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọn. Tí wọ́n bá kú, n kò ní lè kọrin lé wọn lórí. Inú ìwé àṣẹ kan náà ló wà, pé kádì tàbí ọmọ ogun kankan kò lè fipá mú mi sin ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù ti lé jáde."

"Kíkú kọ́ la fẹ́ kú, ìgbéyàwó la fẹ́ ṣe," ni Hájì wí. "Láyé bàbá mi, bíṣọ́ọ̀bù kan yọ ìdajì àdúgbò yìí nínú ìjọ. Kó tó di Ọdún Àjíǹde, ó ti gbà wọ́n padà. Ta ni ìdajì tó kù fẹ́ máa bá ṣeré?"

Bí wọ́n ṣe pinnu nìyẹn. Makrina ò sùn dáadáa lóru yẹn, ó ń rò ó bóyá òun lè gbé ayé tí ẹnikẹ́ni kò ní kí òun lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò ó títí, ó rí i pé tí Lefter bá ti wà níbẹ̀, òun lè gbé e, bí kò tilẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, Hájì Prodromos ti wọ aṣọ tó dára jù lọ, wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà kádì tán kí Makrina tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá! Bàtà yín!"

Bàtà aláwọ̀ ìyeyè ni. Mùsùlùmí kan tí wọ́n jọ ń ṣòwò ló fi ta á lọ́rẹ; inú ilé nìkan ni Hájì ń wọ̀ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti ti ìlẹ̀kùn. Mùsùlùmí ló ni ìyeyè ní ìlú yẹn. Dúdú ni ti àwa Kristẹni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wọ tẹlòmíì lọ síwájú kádì. Hájì ti gbàgbé láti bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè láti padà sílé.  Lefter bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ègé èédú yọ lápò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi pa bàtà bàbá rẹ̀ dúdú láti iwájú dé ẹ̀yìn, Hájì ń kérora lórí rẹ̀ bí ẹni pé awọ ara òun ni wọ́n ń bó.

Òtútù ń bá kádì fínra lọ́jọ́ náà. Ó kó aṣọ irun sọ́rùn, ó ń mu kọfí, ó sì ń fọn imú láàárín ìbéèrè kan sí èkejì. Arúgbó tó nísùúrù ni. Ó bi Makrina bóyá ó ti dàgbà tó láti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní òun ti dàgbà. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń fipá mú un.

"Mú mi, bàbá? Èmi ni mo mú un wá," ni Makrina dáhùn. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín wọ inú irùngbọ̀n.

Kádì bi wọ́n bóyá ẹ̀jẹ̀ kan pa wọ́n pọ̀, wọ́n ní kò sí. Ó bi Lefter kí ni yóò fún ìyàwó, ó ní agbada bàbà ńlá kan, àti ẹní olówùú tó wà nílé. Ẹlẹ́rìí méjì ti wà nílẹ̀. Omi ìsàmì kò wá sí ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n. Inú Makrina bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Akọ̀wé ti ki kálámù bọ inú tàdáwà láti kọ yìgì náà sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn ṣí gbàrà.

Nefise, obìnrin Mùsùlùmí kan tó ti gbé nítòsí wọn rí, ló wọlé, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àdúgbò òkè ló ń gbé látìgbà tó ti fẹ́ ọkọ kejì. Ẹnìkan ló sọ fún un pé òun rí Lefter àti Makrina níwájú kádì, onítọ̀hún kò sì dúró sọ ìdí.

"Kádì! Ẹ fojú àánú wò wọ́n!" ló ké. "Ohunkóhun tí wọ́n bá ní wọ́n jí, wọn ò jí i! Mo mọ̀ wọ́n! Ọmọ mi ni àwọn méjèèjì, ọmú mi yìí ni wọ́n mu dàgbà! Ọmọ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ibà dá ìyá ti obìnrin dúbúlẹ̀, ọmú ìyá ti ọkùnrin gbẹ. Ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì! Ẹni tó mu ọmú mi kì í jalè!"

 Kádì gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá," ló wí, "kò sí ẹni tó jalè."

"Kí ni wọ́n wá ṣe níbí, nígbà náà?"

"Yìgì ni wọ́n wá so," ni akọ̀wé fèsì.

"Ta pẹ̀lú ta?"

 Nefise wo Lefter, ó wo Makrina, ó wo ẹlẹ́rìí méjì tó tẹrí ba. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sì kun ẹní kádì funfun.

Makrina mọ ọ̀rọ̀ ọmú yìí bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé aládùúgbò òun ń gbààwẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ rí pé láàárín àwọn Mùsùlùmí, àwọn tó bá mu ọmú obìnrin kan náà ti di ọmọ-ìyá, wọn ò gbọdọ̀ fẹ́ra títí ayé. Ṣùgbọ́n kò wá sí i lọ́kàn rí pé ó kan òun. Àwọn tiwọn kì í ka ọmú, omi ni wọ́n ń kà. Wọ́n sá fún omi, wọ́n bọ́ sínú ọmú.

"Irọ́ ni!" ni Hájì Prodromos figbe ta. "Ìyàwó mi ló fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú! N ó pe ọkùnrin mẹ́wàá wá láti àdúgbò wa, gbogbo wọn á búra!"

"Hájì, fara balẹ̀," ni akọ̀wé wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kristẹni kì í jẹ́rìí tako Mùsùlùmí níbí. Bó o kó gbogbo àdúgbò yín wá, títí kan ológbò wọn, a ò ní kọ ọ́ sílẹ̀."

Ojú Hájì pọ́n. Òótọ́ ni, ó sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Láàárín ara wọn, ẹ̀rí wọn dúró lọ́dọ̀ kádì. Níwájú Mùsùlùmí, ó di afẹ́fẹ́. Nǹkan tí èèyàn ń bá gbé nìyẹn, bí ẹni ń gbé ilé tí àtẹ́rígbà rẹ̀ kúrú: o máa ń tẹrí ba, o sì máa ń gbàgbé pé ò ń tẹrí ba.

Kádì fọn imú. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rí obìnrin kan ṣoṣo kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kó jẹ́ Mùsùlùmí tó," ló wí. "Ọkùnrin méjì, tàbí ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin méjì. Òfin kì í ṣe ìfẹ́ inú mi. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì ni n ó bi. Tí ẹ bá ní obìnrin yìí kò fún yín lọ́mú, n ó so yìgì, yóò ku ẹ̀yin àti Ọlọ́run. Tí ẹ bá ní ó fún yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwọ obìnrin, ṣé ó fún ọ lọ́mú?"

Gbólóhùn kan péré ni. Hájì ń fi ojú sọ ọ́ fún un: rárá, sọ pé rárá! Lefter kò wò ó, ilẹ̀ ló ń wò. Makrina wo obìnrin tó jókòó sílẹ̀ yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Nefise máa ń sọ̀kalẹ̀ láti àdúgbò òkè wá wo òun, tó máa ń fọwọ́ gbá òun ní ìdí bó ṣe ń wọlé, tó ń pe òun ní "ẹlẹ́nu gígùn". Tí òun bá ní rárá, obìnrin yìí yóò di òpùrọ́ níwájú kádì, lójú gbogbo ìlú, lórí ọmú ara rẹ̀.

Inú bí Makrina sí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Kò lè sọ ọ́.

"Ó fún mi lọ́mú," ló wí, omijé sì dà lójú rẹ̀. "Òun ni ìyá mi."

"Ìwọ ńkọ́?" ni kádì bi Lefter.

"Ọ̀tún ni tèmi," ni Lefter dáhùn.

Akọ̀wé nu kálámù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dà bí ilé tí iná kú nínú rẹ̀. Nefise kò wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Lefter ń fi òòlù lu bàbà bíi pé bàbà ló dá òfin sílẹ̀. Àlùfáà Kosmas bá wọn ní ibi iṣẹ́ Lefter, níbi tí Makrina jókòó sí lórí agbada tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, ó gbé ìkòkò jíjò lé itan.

"Ó ti sú mi," ni Lefter wí. "Omi lókè, ọmú nísàlẹ̀. Bóyá kí n kúkú wí gbólóhùn kan ṣoṣo tí Mùsùlùmí fi ń jẹ́rìí ẹ̀sìn wọn yẹn, kí n di..."

Àlùfáà fò sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, bí ọkùnrin náà ṣe jẹ́jẹ́ tó. "Pa á mọ́! Ṣé o fẹ́ pa ìyá rẹ ni? Ṣé o gbàgbé oníṣẹ́ awọ tó wà lẹ́bàá odò? Ó mutí, ó fi gbólóhùn náà ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú èèyàn méjì. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wé láwàní fún un, wọ́n kọ ọ́ nílà, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn ilé. Ẹnu ọ̀nà yẹn, wíwọlé ló ní, kò ní àbájáde. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jáde, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń gé."

Lefter sọ òòlù sílẹ̀. 

"Kódà tó bá wí i," ni Makrina sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, "ọmú á ṣì jẹ́ ọmú. Á wá jẹ́ ọmú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín, àlùfáà náà rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìròyìn fi dé pé Bíṣọ́ọ̀bù Neofitos ń bọ̀ láti Kayseri, inú sì ń bí i.

Bíṣọ́ọ̀bù náà tóbi, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ dé ìgbànú. Bó ti tóbi tó náà, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìbaaka rẹ̀ níwájú mọ́sáláṣí, ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, kó tó tún gùn ún lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Gbogbo Kristẹni ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lu pákó ṣọ́ọ̀ṣì láti pe ìjọ jọ, nítorí kò sí agogo. Agogo kò sí nínú ohun tí ìjọba gbà fún wọn.

Ó kó Makrina àti Lefter sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àdúgbò dúró lẹ́yìn. "Kádì lẹ lọ bá!" ló bú ramúramù. "Súlútáànù fi yín sí ọwọ́ mi, ẹ gbé ara yín lọ fún láwàní! N ó yọ yín! Kò ní sí ẹni tí yóò tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ yín!"

Makrina kúnlẹ̀. Kò sunkún. Òru mẹ́ta ló ti fi ro ohun tó máa sọ, àwa tó mọ̀ ọ́n sì ti rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa mímọ́, a ti jẹ̀bi, a sì ti gbà," ló wí. "Kádì náà kò so wá. Ó ní a kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Ẹ̀yin náà ní a kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Gbogbo Taşlıdere ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bíṣọ́ọ̀bù àti kádì ti wá ní òfin kan ṣoṣo."

Bíṣọ́ọ̀bù na ọrùn sí i. "Kí lo wí?"

"Àwọn oníṣẹ́ awọ ọjà ló ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní ohun tí kádì bá ti sọ pé ó di èèwọ̀, bíṣọ́ọ̀bù náà á sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó dín wàhálà kù."

"Èèwọ̀ wo ni kádì rí sọ? Omi? Kí ló mọ̀ nípa omi?"

"Ọmú ni, bàbá wa. A mu ọmú Nefise."

"Ọmú?" Ojú bíṣọ́ọ̀bù pọ́n bí ata. Ó yí sí àwọn èèyàn. "Ọmú! Inú ìwé ìjọ wo ni wọ́n kọ ọmú sí? Ọmú ewúrẹ́ là ń mu láti kékeré, ṣé a wá di ọmọ-ìyá ewúrẹ́ ni? Kosmas! Ṣé ọmú wà nínú òfin wa?"

"Kò sí níbẹ̀, bàbá mímọ́," ni Àlùfáà Kosmas dáhùn.

"Kò sí níbẹ̀! Ìdènà kankan kò sí nínú ọmú!"

"A dúpẹ́," ni Makrina wí, ó dojú kọlẹ̀ pátápátá. "Ó ku omi nìkan."

Ìgbà yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù mọ ibi tí wọ́n ti mú òun dé. Ó wo ọmọbìnrin náà tipẹ́tipẹ́. Tó bá ní rárá báyìí, ọjà á sọ pé kádì ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin omi ni yóò dẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ mì díẹ̀. Bóyá ìbínú ni, bóyá ẹ̀rín ni, a kò mọ̀ di òní.

"Omi," ló wá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "omi jẹ́ tiwa. Ẹni tó so okùn mọ́ ẹran ló lè tú u. Onílé ọlọ́gbọ́n a máa dẹ okùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí òrùlé má bàa wó. Àánú ni n ó fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi kọ́ ẹlòmíì. Ogójì ọjọ́ ni ẹ máa fi gbààwẹ̀ kí wọ́n tó so yín. Ìwọ Prodromos, ìwọ tó ronú kan kádì, ọdún kan lo máa fi gbààwẹ̀!"

"Kí ni mo tún ṣe?" ni Hájì kígbe.

Ó ku kádì. Bíṣọ́ọ̀bù mú Àlùfáà Kosmas dání, wọ́n lọ kí i, kó má baà di pé ẹnìkan á lọ fẹjọ́ sùn lẹ́yìn. Àlùfáà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Makrina. Ó ní àwọn bàbá méjèèjì mu kọfí, wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bi ara wọn léèrè ìrora eegun. Bíṣọ́ọ̀bù wá ní òun fẹ́ so àwọn méjì kan pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì òun.

"Àwọn ọmọ ọmú yẹn?" ni kádì bi í.

"Àwọn ọmọ ìjọ mi," ni bíṣọ́ọ̀bù fèsì.

Kádì fọn imú. Ó ní: "Bí wọ́n bá gbé e wá síwájú mi, n ó tú u ká. Bí wọn kò bá gbé e wá, wọ́n pàṣẹ fún wa láti fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ gbàgbọ́. Ní tèmi, n kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi dí, òtútù ló fà á."

Ìgbéyàwó náà wáyé kí ààwẹ̀ Kérésìmesì tó wọlé. Ẹsẹ̀ ni ìyàwó fi rìn kọjá mọ́sáláṣí, àwọn onífèrè ti fèrè wọn bọ abíyá, gbogbo ìjọ ń rìn bí olè tó jí ẹyin gbé. Bí wọ́n ṣe yí igun odò báyìí, ariwo sọ! Hájì Prodromos jó débi pé ó gbàgbé ààwẹ̀ ọdún kan rẹ̀, ó jẹ ẹran, wọ́n sì pa á mọ́ fún un láàárín ara wọn. Inú Makrina dùn bí ẹni tó jí ẹyin náà gbé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà gbogbo ló ń yọjú wo ọ̀nà àdúgbò òkè. Nefise kò wá. Àwọn èèyàn wa fẹ́ra, òfin wa gbà; ní tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló ń fẹ́ra wọn. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún un pé kó wá jó?

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, yìnyín ti ń rọ̀, ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn iwájú. Lefter ṣí i. Nefise ni, ó gbé àwo mantı, ìyẹ̀fun ṣíṣù tí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, dání, ó fi aṣọ bò ó.

"Ọmọ mi, oúnjẹ rẹ rèé," ló wí, kò wọlé. "Àbúrò rẹ obìnrin ńkọ́? Ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le, Ìyá," ni Lefter dáhùn, ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́.

"Bá mi kí i." Ó yí padà, ó rìn yí ilé ká nínú yìnyín, ó sì kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Makrina ṣí i. Àwo kejì wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, oúnjẹ rẹ rèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

 "Ara rẹ̀ le, Ìyá. Òtútù ń mú yín. Ẹ wọlé."

Nefise wo àyè inú ilé náà láti ẹnu ọ̀nà. "Ilé ta ni?"

"Ilé mi ni."

"Tìẹ nìkan?"

Makrina bojú wẹ̀yìn, ó rí Lefter tó dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú àwo rẹ̀. Ó fi orí júwe ìta fún un. Lefter gbé àwo, ó wá bàtà, kò rí i, ó jáde bẹ́ẹ̀ gba ìlẹ̀kùn iwájú.

"Tèmi nìkan ni, Ìyá," ni Makrina wí.

Nefise gbọn yìnyín kúrò lára, ó wọlé, ó fọwọ́ gbá a ní ìdí bó ṣe ń kọjá, ó jókòó síbi iná. "Ẹlẹ́nu gígùn," ló pè é. Makrina gbé orí lé e léjìká, ó sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà.

Níta, Lefter jókòó sórí òkúta, ibọ̀sẹ̀ lásán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ mantı rẹ̀ kó má baà tutù. Aládùúgbò kan kọjá, ó dúró, ó wò ó.

"Lefter, ìyàwó ọ̀sẹ̀ kan ti lé ọ síta?"

"Rárá o," ni Lefter dáhùn, ó ń jẹun lọ. "Ìyá mi ló wá kí àbúrò mi."